Máàkì 88, Kò Sí Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: Ohun Tí Ìkànnì Tó Ń Ka Ọ̀rọ̀ Kò Mọ̀

Ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé ní Àbíjàn ni pé, "Máàkì mi ga, síbẹ̀ wọn ò pè mí." Máàkì tí wọ́n ń sọ kì í ṣe ti ìdánwò. Iye tí àwọn ìkànnì kan, bíi Jobscan, máa ń fúnni ni. Ènìyàn á kó ọ̀rọ̀ inú sífí rẹ̀ sí apá kan, á kó ìpolówó iṣẹ́ sí apá kejì, ìkànnì náà á sì wo àwọn kókó ọ̀rọ̀ tó wà nínú méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ pé sífí yìí bá ìpolówó mu dé ìwọ̀n 60, tàbí 75, tàbí 90 nínú 100. Ẹni tó bá rí 90, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Á fi ìwé ránṣẹ́, á máa retí. Ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ímeèlì kúkúrú á dé lóru ọjọ́ náà gan-an pé ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n a kò ní lè bá yín tẹ̀síwájú.

Ìwé kíkọ ni mo fi ń jẹun, títún sífí ṣe fún àwọn tó ń wáṣẹ́ sì wà lára ohun tí mo ń ṣe, pàápàá fún àwọn ọmọ Yorùbá tó wà láàárín wa níbí. Èrò tèmi ni pé máàkì yẹn kò purọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí à ń bi í kọ́ ló ń dáhùn. À ń bi í pé, "Ṣé wọ́n máa pè mí?" Òun ń dáhùn pé, "Báyìí ni ọ̀rọ̀ inú ìwé méjèèjì ṣe jọra tó." Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí á máa lẹ ibi tí kò ya, á sì fi ibi tó ya gan-an sílẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a mọ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ kì í rí máàkì yẹn. Ìkànnì tí ẹ lò fúnra yín ló ṣírò rẹ̀, ẹ̀yin nìkan ló sì sọ ọ́ fún. Ilé-iṣẹ́ ní ètò kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tó fi ń gba ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́. Workday, SuccessFactors àti Taleo wà lára àwọn tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń lò káàkiri ayé. Àwọn kan lára irú ètò bẹ́ẹ̀ lè to ìwé tẹ̀ léra bí wọ́n bá ṣe rò pé ó dára sí, ṣùgbọ́n ìṣirò tiwọn kì í ṣe èyí tí ẹ ṣe nílé, ilé-iṣẹ́ mìíràn kò sì lo apá yẹn rárá. Nítorí náà, 90 tí ẹ rí kò jókòó sórí fáìlì yín nígbà tó dé ọ̀hún.

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà dà bí àlọ́, ẹ jẹ́ kí n mú ẹnì kan. Ọmọbìnrin kan ni, ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá mọ ìtàn Yorùbá Àbíjàn mọ̀ pé àwọn ará Èjìgbò ti ń wá ṣòwò níbí tipẹ́tipẹ́, débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì nílé wọn lọ́hùn-ún. Àbíjàn ni wọ́n bí ọmọ yìí sí, ibẹ̀ ló ti kàwé títí dé girama. Nàìjíríà ló ti lọ kọ́ ìṣirò owó fún ọdún mẹ́rin ní yunifásítì. Ó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta ní Èkó, ó sì yege nínú ìdánwò ICAN kó tó padà wá sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Faransé rẹ̀ já geere. Ó fi ìwé ránṣẹ́ síbi mọ́kànlá, máàkì rẹ̀ kò sì wálẹ̀ ju 80 lọ rí. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan ṣoṣo kò jáde níbẹ̀.

Nígbà tó wá bá mi, n kò kọ́kọ́ wo sífí rẹ̀. Mo ní kó kọ ọjọ́ àti wákàtí tó fi ìwé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sílẹ̀, kó sì kọ ọjọ́ àti wákàtí tí èsì dé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tábìlì kékeré yẹn là wá ní ojú. Nínú mọ́kànlá, mẹ́rin ni wọ́n ti dá a lóhùn pé rárá kó tó di wákàtí kan, òmíràn ní aago mọ́kànlá alẹ́. Méje tó kù kò fèsì rárá. Ohun tó pa mẹ́rin yẹn kò lè jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú èyí tó pa méje. Kò sí òṣìṣẹ́ tó jókòó ní ọ́fíìsì ní aago mọ́kànlá alẹ́ láti ka sífí. Kọ̀ǹpútà ló dáhùn, kọ̀ǹpútà kì í sì í kà á tó lé ènìyàn padà bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tí ó fi sínú fọ́ọ̀mù ló wò.

Ìyẹn ni mo ń pè ní ìbéèrè ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti kó sífí rẹ̀ sókè, ìkànnì ilé-iṣẹ́ máa ń béèrè nǹkan márùn-ún tàbí mẹ́fà: ìwé ẹ̀rí rẹ tó ga jù lọ ńkọ́? Ọdún mélòó lo ti fi ṣiṣẹ́? Ṣé o ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ lórílẹ̀-èdè yìí? Èló lo fẹ́ gbà? Ẹni tó gbé ìpolówó jáde lè ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹnikẹ́ni tí ìdáhùn rẹ̀ bá kéré sí báyìí, kí ó dá a padà. Máàkì ìbáramu kò kan ìbéèrè wọ̀nyí, nítorí pé wọn kò sí nínú sífí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kò sì sí nínú ìpolówó.

A tún àwọn fọ́ọ̀mù mẹ́rin yẹn wò. Nínú mẹ́ta, ìbéèrè lórí ìwé ẹ̀rí ló dè é mọ́lẹ̀. Àpótí ìdáhùn tó wà lójú ìkànnì náà rí báyìí:

```
Bac+2 (BTS / DUT)
Bac+3 (Licence)
Bac+4 (Maîtrise / Master 1)
Bac+5 (Master 2 / Ingénieur)
```

Ó mú `Bac+3 (Licence)`. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún un pé dìgírì àkọ́kọ́ Nàìjíríà ni Faransé ń pè ní Licence. Lóòótọ́, orúkọ méjèèjì jọra. Ṣùgbọ́n ọdún ni àpótí yẹn ń kà, kì í ṣe orúkọ: iye ọdún tí o fi kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ìdánwò àṣejáde girama. Licence níbí jẹ́ ọdún mẹ́ta. Dìgírì ìṣirò owó tirẹ̀ ní Nàìjíríà jẹ́ ọdún mẹ́rin. Ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì kọ ọ́ sínú ìpolówó pé Bac+4 ni ó kéré jù. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yọ ọdún kan kúrò nínú ẹ̀kọ́ ara rẹ̀, kò sì sí sífí tó lè dá ọdún náà padà lẹ́yìn pé ẹnu ọ̀nà ti tì.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kó mú Bac+4, nítorí pé ó lè fi ìwé èsì ìdánwò ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbè é lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe pé kó fò lọ mú Bac+5 kí ẹnu ọ̀nà lè tóbi. Wọn yóò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbà á, irọ́ á sì hàn. Ẹni tó bá ní dìgírì ọdún mẹ́rin, tó tún ṣe máásítà lé e, ló lè fi ìgboyà mú Bac+5.

Ìwé kẹrin yàtọ̀. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni `Êtes-vous autorisé(e) à travailler en Côte d'Ivoire ?` Ọmọ Nàìjíríà ni ìwé ìrìnnà rẹ̀ fi í hàn, kò sì ní ìwé àdéhùn iṣẹ́ kankan tí ìjọba ti fi òǹtẹ̀ lù. Ó dáhùn pé `Non`, kọ̀ǹpútà sì ní ó dàbọ̀. Ìwé àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1986 fún àwa ọmọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti gbé, kí a sì wá iṣẹ́ olówó oṣù, ní orílẹ̀-èdè ẹlẹgbẹ́ wa. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ láti wá iṣẹ́ yàtọ̀ sí ìwé tí ilé-iṣẹ́ máa ṣe lórí àdéhùn àjèjì, ilé-iṣẹ́ mìíràn ò sì fẹ́ wàhálà ìwé náà rárá. Ìbéèrè yẹn kò sọ èwo nínú méjèèjì ni òun ń béèrè. Ìmọ̀ràn tí mo fún un ni pé kó kọ ímeèlì sí ẹ̀ka ètò òṣìṣẹ́ kó tó tẹ ìdáhùn, kó sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS ni òun, Àbíjàn lòun ń gbé, kó sì bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ kí irú òun dáhùn. Bí wọ́n bá ní àwọn kò gba àjèjì, ó ti gba àkókò ara rẹ̀ là.

Ẹ jẹ́ kí n fi ààlà kan sí i. Èsì tó yá kíákíá lóru jẹ́ àmì tó lágbára pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá ènìyàn padà. Ṣùgbọ́n bí èsì kò bá yá, ìyẹn kò fi hàn pé ẹnu ọ̀nà kọ́, nítorí ilé-iṣẹ́ lè ní kí kọ̀ǹpútà dúró ní ọjọ́ díẹ̀ kó tó fi lẹ́tà ìdápadà ránṣẹ́, kó má baà dà bí ìwọ̀sí.

Ó ku méje tí kò fèsì. Níbí ni mo ti wá ṣí sífí rẹ̀. Mo mú ìpolówó kan, iṣẹ́ akáúńtáǹtì ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó ọjà wọlé. Ìkànnì tó lò rí kókó ọ̀rọ̀ 25 nínú ìpolówó náà, 22 nínú wọn wà nínú sífí rẹ̀. 22 nínú 25, ìyẹn 88 nínú 100. Mo ní kó fi ohùn òkè ka mẹ́ta tí kò sí fún mi. SYSCOHADA ni àkọ́kọ́. CNPS, àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú òṣìṣẹ́, ni ìkejì. Ìkẹta ni e-impôts, ìkànnì tí ilé-iṣẹ́ ti ń san owó orí fún ìjọba.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú 22 tó ní, Excel wà níbẹ̀, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe wà níbẹ̀, ìṣọ́ra wà níbẹ̀, ìròyìn ìparí oṣù náà wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ akáúńtáǹtì ló ní irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn. Mẹ́ta tí kò ní ló sọ ìyàtọ̀ láàárín akáúńtáǹtì tó lè jókòó ní Àbíjàn lọ́la kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́. Lójú ìkànnì tó ṣírò máàkì, Excel jẹ́ ẹyọ kan, SYSCOHADA náà jẹ́ ẹyọ kan. Lójú ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́, ọ̀kan jẹ́ iyọ̀, èkejì jẹ́ iṣu.

Fún ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ náà, SYSCOHADA ni ìlànà ìṣirò owó tí àwọn orílẹ̀-èdè OHADA jọ ń lò. Ìlú Port Louis ní Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn OHADA ní oṣù kẹwàá ọdún 1993. Orílẹ̀-èdè 17 ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Kódífúà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà níbẹ̀, Nàìjíríà àti Gánà kò sí. Èyí tí wọ́n tún ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2018. Ó fún oríṣi owó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: 401 ni ti àwọn tó ń ta ọjà fún ilé-iṣẹ́, 411 ni ti oníbàárà, 521 ni ti báńkì, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6 jẹ́ ìnáwó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7 jẹ́ owó tó wọlé. Ní Nàìjíríà, ìlànà IFRS ni wọ́n fi kọ́ ọmọ yìí, kò sì sí nọ́ńbà àjọlò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ọgá tó bá rí sífí tó kún fún IFRS àti Èkó, tí kò rí SYSCOHADA, kò ní rò pé ọ̀dọ́bìnrin yìí kò mọ̀wé. Yóò kàn rò pé òun á ní láti fi oṣù mẹ́ta kọ́ ọ, yóò sì ṣí fáìlì tó kàn.

Ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn kò sí. Ní ìwé méjì tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, ó ti kó wọn sí ìsàlẹ̀ sífí, lábẹ́ "ìmọ̀ mìíràn", máàkì rẹ̀ sì di 100. Síbẹ̀ kò sí ìpè. Ẹni tó ń ka ìwé kì í wá ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Bó bá rí SYSCOHADA nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ á padà sókè láti wá ibi tó ti lò ó. Bí kò bá sí nínú iṣẹ́ kankan tó ṣe, ọ̀rọ̀ náà di ọ̀ṣọ́ lásán.

Mo bi í bóyá ó tilẹ̀ lò ó rí. Ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó ti padà dé, ó lé ní ọdún kan, òun ló ń ṣe ìwé owó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Àjàmé. Òun ló ń fi ọjà sí 401, òun ló ń fi ìwé báńkì wé 521 lóṣooṣù, òun ló ń kọ orúkọ àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà ránṣẹ́ sí CNPS, òun ló ń wọ e-impôts. Kò kọ ọ́ sínú sífí nítorí pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ, "ṣọ́ọ̀bù ẹbí ni, Àntí." Ohun kan ṣoṣo tí àwọn ilé-iṣẹ́ méje yẹn ń wá ló fi pamọ́, nítorí ojú ń tì í.

A gbé ṣọ́ọ̀bù náà sí òkè, ṣáájú iṣẹ́ Èkó. A kọ ọ́ ní ìlà mẹ́rin: iye òṣìṣẹ́, nọ́ńbà tó ń lò, ìwé tó ń fi ránṣẹ́ àti ìgbà tó ń fi í ránṣẹ́. A yọ ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ bíi mẹ́wàá kúrò kí ìwé lè mọ sí ojú ewé kan. Nígbà tó fi sífí tuntun yìí wé ìpolówó mìíràn tó jọ ti àkọ́kọ́, máàkì jáde: 72. Ọkàn rẹ̀ já. Mo ní kó fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun kẹta kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà máa ń to ìwé bí wọ́n ṣe dé tẹ̀ léra. Ká ní ènìyàn 300 fìwé ránṣẹ́. Ẹni tó ń yan òṣìṣẹ́ kò nílò 300, ènìyàn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ló fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Á bẹ̀rẹ̀ láti òkè, á máa ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí mẹ́jọ bá pé, á dáwọ́ dúró. Ẹni tí ìwé rẹ̀ jẹ́ ìkẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé ní igba lè dára ju mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tábìlì ọjọ́ tí a ṣe fi hàn pé márùn-ún nínú méje ni ó fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ìpolówó máa parí, nítorí pé ó ń jókòó tún ọ̀rọ̀ tò títí máàkì á fi ga. Ọjọ́ mẹ́wàá tó fi ń wá 88 ni àwọn ẹlòmíràn fi ṣáájú rẹ̀ lórí ìlà.

Iṣẹ́ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé wọ́n ti yan ẹni tó máa ṣe é kí ìpolówó tó jáde. Níbí, ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba àjèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ polówó iṣẹ́ náà fún àwọn ọmọ onílẹ̀, nítorí náà ìpolówó mìíràn jẹ́ ìwé tí òfin béèrè lásán. Iṣẹ́ mìíràn, ẹni tó wà nínú ilé ni wọ́n fẹ́ gbé ga. Àmì irú rẹ̀ ni ìpolówó tó ṣe pàtó ju bó ṣe yẹ lọ, bí ẹni pé wọ́n da sífí ẹnì kan kọ, pẹ̀lú ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀. Bí ìpolówó kan náà bá tún jáde lẹ́yìn oṣù kan, ìyẹn yàtọ̀: ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tíì rí ẹni tí wọ́n fẹ́, ó sì tọ́ kí ènìyàn tún fi ìwé tó ti dára sí i ránṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ó fi ìwé ránṣẹ́ síbi márùn-ún péré, kò sí èyí tó kọjá ọjọ́ kejì ìpolówó. Ibi méjì ló pè é. Ọ̀kan nínú wọn ni ibi tí máàkì rẹ̀ ti jẹ́ 72. Ènìyàn kan kò tó láti fi ṣe òfin, ó sì lè jẹ́ pé àkókò ló dára. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bi í léèrè jù lọ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò méjèèjì ni ṣọ́ọ̀bù Àjàmé.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún ilé-iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ ò ní gba àjèjì, tàbí pé ọdún ẹ̀kọ́ ni ẹ fẹ́ kà, ẹ kọ ọ́ sínú ìpolówó ní ìlà àkọ́kọ́. Ẹ sì kọ ọdún sí ẹ̀gbẹ́ Bac+3 àti Bac+4, kí ọmọ tó kàwé ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ lè mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin náà ń pàdánù ẹni tí ẹ ń wá.

Fún ẹ̀yin tó ń wáṣẹ́, máàkì wúlò fún nǹkan kan: ó ń fi ọ̀rọ̀ tí ẹ gbàgbé hàn yín. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tí kò sí, kí ẹ bi ara yín pé èwo nínú wọn ni ọgá yìí kò lè ṣe láìsí. Bí ẹ bá ti ṣe iṣẹ́ náà rí, ẹ kọ ibi tí ẹ ti ṣe é, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹbí. Bí ẹ kò bá ṣe é rí, ẹ lọ kọ́ ọ, nítorí pé kò sí bí a ṣe lè tò ó pọ̀ tí yóò fi di ìmọ̀. Kí ẹ tó tẹ `Postuler`, ẹ ka àwọn ìbéèrè kéékèèké inú fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀mejì.